Fọ́tò Tó Dé Lẹ́yìn Òkun

Mi ò gbà pé òkú ń rìn. Irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe ò fàyè gba irú èrò bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń hùwà bíi wèrè, ìdí kan wà níbẹ̀, a ó sì rí i bí a bá wá a dáadáa. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Treichville, ní Abidjan, pàápàá àwọn tó ti kọ́kọ́ wọ́n omi àdúrà sí i kí wọ́n tó rántí mi. Àmọ́ títí dòní, bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, n kì í fọwọ́ kan nǹkan mìíràn kí n tó gbé máòsì lọ sórí aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀, kí n dúró kí ọjọ́ yọ jáde. Ẹ̀rù ló kọ́ mi. Ilé kan ní Gonzagueville ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì ní Cocody ló wá bá mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, bíi tèmi. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Adjamé. Ó kí mi tán, ó ní:

“Tantie, ordi wa kọ̀, kò jẹ́ kí n installer nǹkan kan. Logiciel tí wọ́n fi ń pe ara wọn yẹn, tí èèyàn ti ń rí ojú ẹni, mo ti téléchargé ẹ̀ látorí internet, mo ti nù ún, mo tún ti téléchargé ẹ̀. Toujours la même erreur, ohun kan náà ló ń sọ.”

Mo ní kó gbé kọ̀ǹpútà náà wá, pé kò ní pẹ́.

“Ìyá mi ò ní jẹ́ kó jáde nílé.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìyá rẹ ló ń lò ó ni?”

“Rárá, Tantie. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ìyá mi ní tó bá padà dé wá gbé e, tí kò bá bá a ńlẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì bá a lọ.

Inú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé wa lọ, ló ti ro ọ̀rọ̀ náà fún mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí àwọn èrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ sí etí òkun ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, ó ti lé ní ọdún méjì. Gbogbo wa tí a dàgbà ní Abidjan la mọ òkun yẹn. Kì í bá ènìyàn ṣeré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i nígbà tó wọ omi. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jáde. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí òkú. Aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ lórí iyanrìn pàápàá, wọn ò bá a níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ etí òkun wa yóò sọ pé olè ló gbé aṣọ. Ìyá rẹ̀ ní òun tó ni aṣọ ló wọ̀ ọ́ lọ.

Bàbá fẹ́ ṣe fídáù fún un, kí àwọn àlùfáà gbàdúrà, kí ọkàn gbogbo ilé lè balẹ̀. Ìyá kọ̀. Ta ló ń ṣe fídáù fún alààyè? Síbẹ̀, bí oṣù ti ń gorí oṣù, ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọjọ́. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nínú àpótí tí wọ́n tì í sí, nítorí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì rí fọ́tò kan nínú rẹ̀ tí kò rí rí.

“Mo wo date rẹ̀, Tantie,” ló wí. “Ọjọ́ tó wà lára fọ́tò yẹn, tout le monde était parti. Gbogbo wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, a lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí kan. Nígbà yẹn, ó ti ju ọdún kan ààbọ̀ lọ tí òkun gbé e. A ti ilé pa. Òun sì ní clé tó lè fi ṣí i.”

Inú gbaka gbóná bí ààrò, síbẹ̀ òtútù mú mi.

Ilé náà ò jìnnà sí òkun. Èèyàn á máa gbọ́ ìró rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá náà, àgbàlagbà tó ṣì lágbára, ló jókòó síwájú ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde, mo wọlé, mo sì fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé nítorí òjò tó ń ṣú bọ̀.

“Má tì í o, ọmọ mi,” ló wí. “Ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kì í ti ilẹ̀kùn wa mọ́.”

Àṣé láti ìgbà tí wọ́n ti rí fọ́tò náà ni kò ti sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn náà, ní ọ̀sán tàbí ní òru, ní Gonzagueville níbi tí olè kì í ti í sùn. Ìyá ò lọ sí ọjà mọ́. Kò lọ sí òde. Wọ́n ti tì í lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ wá, kò bá ẹnikẹ́ni, ó sì padà lọ. Ìyẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti fi í ṣe ẹ̀bi ara rẹ̀, ó sì ń fi ìjókòó ẹnu ọ̀nà san án.

Orí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kọ̀ǹpútà náà wà, kọ̀ǹpútà alágbèéká aláwọ̀ eérú. Kí n tó ṣe ohunkóhun, ìyá ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí fọ́tò náà fún mi. Kámẹ́rà tó wà lórí ẹ̀rọ náà ló yà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wò mí tààrà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò tíì rẹ́rìn-ín tán. Kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn mi. Ìjókòó tó jókòó lé ni mo jókòó lé. Mo fẹ́ dìde, ojú tì mí, mo sì dúró síbẹ̀.

“Wò ó dáadáa,” ni ìyá wí. “Ṣé ojú ẹni tó kú nìyẹn?”

Mo ní kò jọ ọ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ṣòroó yé mi. Ọmọ náà ní orúkọ tó ń lò lórí ètò ìpè yìí nígbà tó wà, ó máa ń lọ sí cyber láti fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lára àwọn tó lè pè. Ìyá gbọ́ pé bí ẹni náà bá jókòó sídìí ẹ̀rọ níbikíbi láyé, orúkọ rẹ̀ yóò tan iná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ra clé internet, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa internet wọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fẹ́ kí ètò náà wọ inú kọ̀ǹpútà ilé, kó máa wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́, kí ìyá máa wò ó. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹ̀rọ wà ní ṣíṣí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mú ètò náà wá látinú clé USB tèmi, èyí tí mo ti lò lára ẹ̀rọ púpọ̀ láìsí wàhálà. Kọ̀ǹpútà náà kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè gba ìbuwọ́lùwé tó wà lára rẹ̀ gbọ́, ó sì pa á tì. Mo ní kí a gbà á tààrà láti ojúlé internet àwọn tó ṣe é. Ìkìlọ̀ mìíràn jáde ní èdè Faransé. Ìyá sún mọ́ wa.

“Kí ló wí?”

Ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ bó ti ń kà á. “Ó ní àkókò rẹ̀ ti kọjá, tàbí kò tíì tó.”

“Àkókò ta ni?” ni ìyá béèrè.

Òjò bẹ̀rẹ̀. “Wọ́n ń dí i lọ́nà,” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo mọ̀. Ohun tó dí i lọ́nà lókun náà ló tún wọ inú ẹ̀rọ yìí.”

Èmi tí n kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé e mì. Mo mọ ìkìlọ̀ náà ní tèmi. Wọn kì í tú ètò sílẹ̀ lásán. Ẹni tó ṣe é máa ń buwọ́ lù ú, ó sì máa ń fi ìwé ẹ̀rí ti ìbuwọ́lù náà lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbájú-ẹ̀ ló rán an wá. Ojúlé orí internet náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Aago inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló fi ń yẹ ọjọ́ náà wò, kò ní ìmíràn. Bí aago yẹn bá purọ́, yóò máa lé ọmọlúàbí padà bíi ṣọ́jà tó dúró ní barrage lójú ọ̀nà tí kò mọ ọdún tí a wà, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé carte ìdánimọ̀ wọn ti kú.

Mo wo aago tó wà ní igun. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Mo wo tọwọ́ mi, bákan náà ni. Ìyẹn ló ń tan gbogbo ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í kọ ọjọ́ síta, wákàtí nìkan ló ń kọ. Mo gbé máòsì lé e, mo dúró.

Ọjọ́ yọ. Kì í ṣe ọjọ́ òní. Kì í ṣe ọdún tí a wà pàápàá. Aago náà ti sáré kọjá wa, ó lé ní ọdún kan ààbọ̀, ó sì ń fi wákàtí tó tọ́ ka ọjọ́ tí kò tíì sẹ́ni tó rí i.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Oníṣẹ́ tó bá rí àrùn ti rí oògùn. Mo kàn máa dá aago padà, ètò á wọlé, màá gbowó mi, màá sì lọ. Ìka mi ti wà lórí máòsì. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ fọ́tò náà bọ́ sí mi lọ́kàn, ó sì dà bíi pé ẹnì kan gbé yìnyín sí mi lẹ́yìn. Aago yìí kan náà ló kọ ọjọ́ sára fọ́tò.

Mo ká ìka mi kúrò lórí máòsì. Ọ̀kan nínú méjì ni. Ó lè jẹ́ pé aago náà ṣì dára nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ló bàjẹ́, tí ọ̀rọ̀ ìyá yóò sì jóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé aago ti bàjẹ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì wà láyé. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ti àkọ́kọ́, èmi tí n kì í gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà.

Mo ṣí àpò tí ọmọ náà ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, mo tò wọ́n ní ọjọ́ ní ọjọ́. Orin, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, orin. Ọjọ́ wọn ń rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé oṣù March ọdún tó bá òkun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fò fẹ̀rẹ̀ lọ sí December ọdún kejì. Wọ́n sì ń bá a lọ láti ibẹ̀. Fọ́tò náà wà láàrin wọn. CV kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“CV yìí,” ni mo wí fún ọmọbìnrin náà, “ṣé o mọ̀ ọ́n?”

“Mais oui. Ìgbà tó ń wáṣẹ́ ní Plateau. C'est moi qui ai corrigé ça, èmi ni mo bá a tún un ṣe, ibí yìí, lórí tábìlì yìí…” Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ti ń rántí. Lẹ́yìn náà ló wo ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ náà jìnnà ju ti fọ́tò lọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Òun náà ti mọ̀. Ìyá ń wo ojú wa láti ọ̀kan sí èkejì.

“Ẹ sọ ọ́,” ló wí. “Mi ò kàwé, àmọ́ mo mọ ojú ènìyàn.”

Ẹni tó bá ní òun gbádùn sísọ òótọ́ kò tíì sọ irú òótọ́ yìí rí. Mo kúrò lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ti rí. Mo ní ẹ̀rọ yìí ń ka ọjọ́ tí kò tíì dé. Mo ní láti ìgbà tí ọmọ yín ti wà nílé ló ti ń ka irọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwé tí àbúrò rẹ̀ bá a tún ṣe kó tó lọ sétí òkun. Mo ní fọ́tò náà, òun ló yà á lóòótọ́, níbí yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà nílé lọ́jọ́ náà. Kò wá lẹ́yìn yín. Ẹ ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá ò sunkún. “Ta ló ba aago jẹ́?” ló béèrè.

Mo ní kò jọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá kú, ẹ̀yìn ni aago ń padà sí, kì í lọ síwájú. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tì í síwájú. Ojoojúmọ́ la ń rí i ní Treichville: ẹnì kan fẹ́ mọ ọjọ́ tí àwẹ̀ yóò bọ́ sí, tàbí ọjọ́ ìkómọ, kò sì sí kàlẹ́ńdà lára ògiri. Yóò tẹ aago náà lẹ́ẹ̀mejì, kàlẹ́ńdà yóò ṣí, yóò yí oṣù, yóò yí ọdún, yóò rí ohun tó ń wá. Ó yẹ kó tẹ Annuler, ìyẹn fagi lé e, kó tó jáde. OK ni gbogbo wa máa ń tẹ̀. Ẹ̀rọ á sì gbà pé ọjọ́ tó ń wò yẹn ni òní.

“Ọjọ́ wo ló ń wò?”

Mo dìde lọ wò ó. Orin kan ló dà sínú ẹ̀rọ ní kété tí aago fò. “December ni, Ìyá. Ó bọ́ sí Sátidé.”

Òjò ń rọ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó ti rẹ ẹní, kò sì sẹ́ni tó dìde.

“Èmi ni mo ní kó wò ó,” ló wí. “Àwọn ará ilé ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ní kí a mú ọjọ́, a fẹ́ gbé ìyàwó náà fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní Sátidé ni mo fẹ́, kí bàbá rẹ̀ má bàa rí ọjà fi ṣe àwáwí. Mo ń gúnyán lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, iyán wà lọ́wọ́ mi, mi ò fẹ́ fi kan ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní, ọjọ́ báyìí báyìí, kí ni yóò jẹ́? Ó ní, ‘Samedi, Maman. C'est bon.’ Ó bọ́ sí Sátidé tí mo fẹ́. Ó sì tẹ nǹkan.”

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi náà, omi ti bo ojú mi, mi ò rí ohun tó wà níwájú mi mọ́. Ìyá nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ.

“Tún un ṣe,” ló wí fún mi.

Mo ṣí aago náà. Mo yí ọdún padà, mo yí oṣù padà, mo fi ọjọ́ sí òní. Ó kù kí a tẹ̀ ẹ́. Ìyá dìde wá, ó ní kí n fi ibi tí ọmọ òun tẹ̀ han òun. Mo gbé máòsì sórí OK, mo fi ìka rẹ̀ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ètò tó ti ń kọ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí wá wọlé láìjanpata. Kò béèrè ohunkóhun. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Àwa ni a ò sí níbi tí a rò pé a wà. Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tò sílẹ̀. Àwọn kan tan iná aláwọ̀ ewé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó rí bí eérú.

“Èyí tí kò tanná yẹn ni?” ni ìyá béèrè.

“Òun ni, Maman.”

Ó wò ó títí. Mo sọ fún un pé ọjọ́ ara fọ́tò kò ní yí padà fúnra rẹ̀, pé dídá aago padà kò tún ohun àtẹ̀yìnwá ṣe, ṣùgbọ́n mo lè bá a kọ ọjọ́ tòótọ́ sí i bó bá fẹ́. Ó mi orí.

“Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó wà níbi tó dé.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Pe bàbá rẹ ní Adjamé. Sọ fún un pé kó lọ bá àwọn àlùfáà, kí wọ́n wá ṣe fídáù. Ní Sátidé. Sátidé ni mo ti mú fún un tẹ́lẹ̀.”

Mi ò gbowó. Mo dágbére, ìyá sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbàdúrà fún mi, ó ní iṣẹ́ mi ò ní pa mí lẹ́kún. Òjò ti ń dá. Ìró òkun tún ti gba gbogbo àdúgbò. Mi ò tíì dé ojú títì tí mo fi gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi.